VLOOKUP ń fi owó epo ta ìrẹsì fún mi, kí ló dé?

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oúnjẹ ni mò ń tà ní àpò àti ní kẹ́ẹ̀gì ní Bódìjà. Ọmọ tó ń bá mi kọ̀wé ṣe ṣíìtì kan fún mi nínú Excel: tí a bá ti kọ orúkọ ọjà, owó rẹ̀ á yọ fúnra rẹ̀. Ṣíìtì yìí ló kọ 36,000 síwájú àpò ìrẹsì tí mò ń tà ní 78,000. Owó epo ni 36,000. Epo náà tún ń gbé 42,000 wá, owó èlùbọ́ nìyẹn. Iyọ̀, ṣúgà, ẹ̀wà àti èlùbọ́ tọ̀nà. Mo ti wo àkójọ owó náà títí, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Kí ló ń ṣe é?

```
      E       F
2   IRESI   78000
3   ELUBO   42000
4   EWA     95000
5   GARI    31000
6   EPO     36000
7   IYO      9500
8   SUGA    74000
```

Fọ́múlà tó wà ní C2 tí a fà sísàlẹ̀ nìyí:

```
=VLOOKUP(A2,$E$2:$F$8,2)
```

Káfíńtà_Òṣogbo

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó jọ pé kọ̀ǹpútà yín kò tíì ṣírò owó tuntun ni, owó àtijọ́ ló ṣì ń gbé wá. Ẹ lọ sí Formulas, ẹ tẹ Calculation Options, ẹ yan Automatic, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ F9. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn nígbà tí mò ń ṣírò pákó.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ ṣeun sà. Automatic ló wà, mo sì tẹ F9 náà, kò yí padà. Ìrẹsì kò sì fìgbà kan jẹ́ 36,000 láti ìgbà tí a ti ní ṣíìtì yìí, nítorí náà kì í ṣe owó àtijọ́.

Tító_Ni_Tiwa

Ìyá Ìbejì, mo ti rí i. Àkójọ yín kò tò ní A sí Z. VLOOKUP kì í fẹ́ràn àkójọ tó rí rúdurùdu. Ẹ yan E2 dé F8, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Sort A to Z, ó parí. Ẹ máà fọwọ́ kan fọ́múlà rárá. Èmi kì í kọ ohun kẹrin tí àwọn kan máa ń fi kún un, tèmi sì ń lọ geere.

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà. Ẹ má to nǹkan kan ná, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ohun tí Excel ń ṣe lábẹ́lẹ̀, torí títò nìkan kò ní gbà yín.

Ohun mẹ́rin ni VLOOKUP ń gbà: ohun tí ẹ ń wá, ibi tí kó ti wá a, kọ́lọ́ọ̀mù tí owó wà, àti ohun kẹrin tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ohun kẹrin yìí ló ń sọ fún un bóyá orúkọ náà gan-an lẹ fẹ́, tàbí kó gbé èyí tó bá sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá fò ó, Excel á gbà pé TRUE lẹ kọ, ìyẹn ni pé èyí tó sún mọ́ ọn náà dára. Kò ní kìlọ̀ fún yín, kò ní béèrè. Sísún mọ́ tí mo ń wí yìí kì í sì í ṣe ti kí orúkọ méjì jọra. Ohun tó ń wá ni orúkọ tó tóbi jù nínú àwọn tí kò kọjá tiyín nínú ètò A sí Z.

Ó tún ní bó ṣe ń wá a. Bí a ṣe ń wá orin 347 nínú ìwé orin ló ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Àárín la máa ń ṣí, bí a bá bá orin 300 níbẹ̀, a ó gbàgbé gbogbo èyí tó wà ṣáájú rẹ̀, a ó tún ṣí àárín èyí tó kù. Ó yá gan-an bí ìwé bá tò. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti tú ìwé náà tó sì tún un dì ní ìdìkudì, a ó ti sọ apá tí orin wa wà nù láìmọ̀.

Ẹ wá bá mi tọ ipa ọ̀nà IRESI nínú àkójọ yín. Ọjà méje ló wà níbẹ̀, GARI ló wà láàárín, ní ìlà 5. Excel wò ó pé IRESI ń bọ̀ lẹ́yìn GARI nínú A sí Z, ló bá pa ìlà 2 dé 4 tì. Ìlà 2 yẹn gan-an ni ìrẹsì yín wà! Ó kù ìlà 6 dé 8, IYO ló wà láàárín wọn. IRESI ṣáájú IYO, torí R ṣáájú Y, nítorí náà ó padà sí ìlà 6. Ó bá EPO níbẹ̀. EPO kò kọjá IRESI, kò sì sí ibòmíràn tó kù láti wò. Ó gbé owó epo fún yín, 36,000.

Ti EPO náà nìyí: EPO ṣáájú GARI, ó pa ìlà 5 dé 8 tì, EPO fúnra rẹ̀ sì wà ní ìlà 6. Ó lọ sí àárín ìlà 2 dé 4, ó bá ELUBO. ELUBO ṣáájú EPO, ó sọ̀ kalẹ̀ sí EWA, EWA ti kọjá EPO. Ó padà mú ELUBO, 42,000.

SUGA tọ̀nà torí pé ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ipa ọ̀nà rẹ̀ parí sí. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí léwu tó bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo owó bá bàjẹ́ pọ̀, ẹ ó ti rí i lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n tí mẹ́rin bá tọ̀nà, ta ni yóò fura sí ìkarùn-ún?

Kí ẹ lè fojú ara yín rí i, ẹ kọ èyí sí sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo kan. Mo yí 2 sí 1 ni, kó lè sọ orúkọ ọjà tó bá dúró sí dípò owó:

```
=VLOOKUP(A2,$E$2:$F$8,1)
```

Bí A2 bá jẹ́ IRESI, EPO ni yóò kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i, fọ́múlà tí ẹ máa lò nìyí:

```
=VLOOKUP(A2,$E$2:$F$8,2,FALSE)
```

FALSE túmọ̀ sí pé orúkọ náà gan-an lẹ fẹ́, kò sí èyí tó sún mọ́ ọn. Pẹ̀lú rẹ̀, ètò A sí Z kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ lè kọ ọjà yín bí wọ́n ṣe tò nínú ìsọ̀. Bí ẹ bá kọ 0 dípò FALSE, ọ̀kan náà ni.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Mo kọ fọ́múlà tó ní 1 yẹn, EPO ló kọ síbẹ̀ lóòótọ́! Ẹnu yà mí. Mo ti fi FALSE sí i, ìrẹsì di 78,000, epo di 36,000. Ṣùgbọ́n ìlà méjì tó ti ń mú owó wá tẹ́lẹ̀ ti di #N/A báyìí. Ọ̀kan ni SEMO. Èkejì tilẹ̀ tún jẹ́ IRESI, ní ìlà 5 rìsíìtì kan náà. Ṣé FALSE yìí ò ti ba nǹkan míì jẹ́ báyìí?

Tító_Ni_Tiwa

Ẹ ò rí i? Mo ní kẹ́ ẹ tò ó. Bí ẹ bá tò ó kò ní sí #N/A kankan.

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Rárá o, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ó ń sọ òótọ́ tí èkíní kò sọ ni.

Ẹ wo SEMO. Kò sí nínú àkójọ yín rárá. Èló ló ń gbé wá tẹ́lẹ̀? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé 9,500 ni, owó iyọ̀. Ó kọjá GARI, ó kọjá IYO, ó bá SUGA nísàlẹ̀, SUGA ti kọjá rẹ̀, ó padà mú IYO.

Àbúrò Tító, ìdí tí mo fi ní títò kò tó nìyẹn. Òótọ́ lo sọ pé ọ̀nà TRUE nílò àkójọ tó tò, bí Ìyá Ìbejì bá sì tò ó, IRESI àti EPO yóò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká to àkójọ náà báyìí:

```
ELUBO
EPO
EWA
GARI
IRESI
IYO
SUGA
```

Níbo ni SEMO máa bọ́ sí? Ààrin IYO àti SUGA. Owó iyọ̀ náà ló tún máa gbé. Títò kò lè mú kí Excel sọ pé òun kò rí ọjà kan, àyàfi bí orúkọ náà bá ṣáájú ELUBO lókè pátápátá, bí AGBADO. Àkójọ owó ọjà kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bí ọjà kò bá sí, kó sọ pé kò sí.

Ó tún ku ọ̀kan. Bí ẹ bá to àkójọ lónìí, tí ọmọ yín fi ọjà tuntun kún ìsàlẹ̀ lọ́la, ó ti dàrú padà nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

9,500 ni lóòótọ́ o! Àpò semo! Háà. Kò sí nínú àkójọ torí pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ni. Kí wá ni ti IRESI tó ní #N/A? IRESI náà kọ́ ló wà ní E2 ni?

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Ẹ kọ `=LEN(A5)` sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́tà márùn-ún ló wà nínú IRESI. Bó bá kọ 6, a jẹ́ pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tẹ àlàfo kan mọ́ ọn lẹ́yìn. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n FALSE kò ní gbà pé orúkọ kan náà ni. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ fi TRIM gé e:

```
=VLOOKUP(TRIM(A2),$E$2:$F$8,2,FALSE)
```

Èyí tí ẹ tẹ̀ sí A nìkan ni TRIM yìí ń gé o. Bó bá jẹ́ E ni àlàfo náà wà, ẹ lọ pa á rẹ́ níbẹ̀.

Ìyàwó_Oníkẹ́míìsì

Ẹ jọ̀ọ́, TRIM yìí kò ṣiṣẹ́ fún mi. Mo máa ń da orúkọ oògùn kọ láti ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó ń kó ọjà fún mi ń lò. LEN ṣì ń kọ ẹyọ kan lé lẹ́yìn TRIM.

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Àlàfo tó wá láti ojú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí èyí tí bọ́tìnnì gígùn ń tẹ̀. Nọ́ńbà 160 ni, TRIM kì í sì í rí i. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di àlàfo gidi:

```
=TRIM(SUBSTITUTE(A2,CHAR(160)," "))
```

Bí LEN bá padà sí iye tó yẹ lẹ́yìn èyí, ẹ ti mú un nìyẹn. Àmọ́ tí ó bá jẹ́ nọ́ńbà ọjà ni ẹ ń wá, tí kì í ṣe orúkọ, ẹ wo ohun mìíràn: nọ́ńbà tí Excel gbà bí ọ̀rọ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú nọ́ńbà tó gbà bí iye. Ọ̀kan á fara ti apá òsì sẹ́ẹ̀lì, èkejì á fara ti apá ọ̀tún, bí ẹ kò bá tíì yí ìtò wọn padà.

Ará_Àjàṣẹ́

Ẹ kú o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Èdè Faransé ni Excel ti wa ń sọ níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Mo da fọ́múlà tí ẹ̀gbọ́n kọ sínú tèmi, Excel kọ̀ ọ́, ó ní àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Mo wá rí i pé RECHERCHEV ni wọ́n ń pe VLOOKUP lọ́dọ̀ tiwa, a kì í sì í fi kọ́mà pín in. Èyí tó ṣiṣẹ́ fún mi nìyí, fún ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Kútọnù tàbí ní Lomé:

```
=RECHERCHEV(A2;$E$2:$F$8;2;FAUX)
```

Àrùn kan náà ló wà níbẹ̀ o. Bí a bá fò FAUX, VRAI ló máa gbà. Mo ti ń bá a fà á lórí owó aṣọ fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé àwọn ọmọṣẹ́ mi ló ń dín owó fún ọ̀rẹ́ wọn. Mo ti pè wọ́n, a ti parí rẹ̀.

OníSìmẹ́ǹtì_Ọ̀tà

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi lójú ẹsẹ̀, mo lọ fi FALSE sí gbogbo VLOOKUP tó wà nínú ìwé mi. Ẹ wá wò ó, ibi tí mo ti ń dín owó fún ẹni tó bá ra púpọ̀ ti kún fún #N/A báyìí! Ẹni tó bá ra 1 sókè ń san 9,800 lórí àpò kan, 50 sókè 9,600, 200 sókè 9,450. Kọ́sítọ́mà mi ra 120, #N/A. Àbí FALSE yìí kò dára fún sìmẹ́ǹtì ni?

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí TRUE ti wúlò gan-an nìyẹn, ẹ dá a padà síbẹ̀. Kò sí 120 nínú àkójọ yín, 1, 50 àti 200 ló wà níbẹ̀. Ẹ kò fẹ́ kó wá 120 gan-an. Ẹ fẹ́ kó wá ìpele tí 120 ti dé, ìyẹn ìpele tó tóbi jù nínú àwọn tí kò kọjá 120. 50 ni, 9,600. Iṣẹ́ tí TRUE mọ̀ ọ́n ṣe gan-an nìyí.

```
=VLOOKUP(B2,$H$2:$I$4,2,TRUE)
```

Ohun méjì péré ni kí ẹ máa ṣọ́. Iye àpò gbọ́dọ̀ máa gòkè láti òkè dé ìsàlẹ̀, 1, lẹ́yìn náà 50, lẹ́yìn náà 200. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ìpele tuntun kún un, bíi 100, àárín 50 àti 200 ni kó wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ẹ tún máa kọ TRUE náà síbẹ̀ kedere, kí ẹni tó bá bá yín tún ìwé yẹn ṣe lè mọ̀ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Orúkọ ọjà kò ní ìpele. Kò sí ọjà tó wà láàárín iyọ̀ àti ṣúgà. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà nìyẹn.

Tító_Ni_Tiwa

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti SEMO yẹn, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ìlà ló wà nínú ìwé ilé ìkẹ́rùsí tí mò ń bójú tó. FALSE ń wo ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè, á fa ẹsẹ̀ ni. Mo ṣì máa to tèmi.

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Òótọ́ lo sọ pé FALSE ń wá a láti òkè sísàlẹ̀, ní kọ̀ǹpútà tó ti gbó ó sì lè ṣe é lọ́ra nínú ìwé tó tóbi báyẹn. Bó bá jẹ́ dandan kí o lo TRUE, àkójọ rẹ gbọ́dọ̀ tò, kí o sì jẹ́ kó kọ́kọ́ wádìí orúkọ tó bá dúró sí kó tó gbé owó:

```
=IF(VLOOKUP(A2,$E$2:$F$40001,1,TRUE)=A2,
 VLOOKUP(A2,$E$2:$F$40001,2,TRUE),"KO SI")
```

Bí orúkọ tó rí kò bá jẹ́ orúkọ tí o kọ, KO SI ni yóò sọ. Ó ń wá a lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ó máa ń yá. Ṣùgbọ́n fún ìsọ̀ tó ní ọjà igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún, kí lèèyàn ń sá eré fún?

Tító_Ni_Tiwa

Èyí wọ̀ mí létí. Mà á gbìyànjú ẹ̀.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà_Ìlọrin

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. #N/A yìí kò dùn ún wò lórí rìsíìtì tí a fẹ́ tẹ̀ fún kọ́sítọ́mà. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí kó máa lọ:

```
=IFERROR(VLOOKUP(A2,$E$2:$F$8,2,FALSE),0)
```

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má fi 0 síbẹ̀. 0 jẹ́ owó. Wọ́n á fi sọ iye àpò di pípọ̀, á jẹ́ 0, wọ́n á rò ó mọ́ àròpọ̀, rìsíìtì á sì jáde mímọ́ tónítóní pẹ̀lú àpò semo lọ́fẹ̀ẹ́. #N/A kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n àròpọ̀ ìsàlẹ̀ náà á di #N/A pẹ̀lú, kò sì sẹ́ni tó máa lè gba owó kankan títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.

IFERROR tún ń bo àṣìṣe gbogbo mọ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá pa kọ́lọ́ọ̀mù F rẹ́ láìmọ̀, #REF! ló yẹ kó kígbe, ìwọ á sì máa rí 0.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà_Ìlọrin

Ó yé mi sà. Ti IFNA ńkọ́? Òun kì í bo ohun mìíràn ju #N/A lọ, a sì lè ní kó kọ "KO SI" dípò 0.

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Ìyẹn sàn jù ú lọ dáadáa. Bí wọ́n bá sọ KO SI di pípọ̀ pẹ̀lú iye àpò, #VALUE! ló máa yọ, nítorí náà kò sí owó tó lè sá lọ. Èmi ṣì fẹ́ràn kí #N/A hàn bó ṣe rí.

OníSìmẹ́ǹtì_Ọ̀tà

Èmi ò gbà fún ẹ̀gbọ́n níbí yìí. Àwọn ọmọṣẹ́ mi kò mọ ohun tí #N/A ń jẹ́. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, wọ́n á sì fọwọ́ tẹ owó tó bá wù wọ́n lé fọ́múlà lórí. Bí wọ́n bá rí KO SI, wọ́n mọ̀ pé kí wọ́n wá bi mí léèrè. Ti IFNA ni èmi máa lò.

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ọmọ yín. Ohun tó lè dín gbogbo èyí kù ni pé kí wọ́n má tẹ orúkọ ọjà mọ́ rárá, kí wọ́n máa yàn án. Ìyá Ìbejì, ẹ yan gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kọ orúkọ sí ní A, ẹ lọ sí Data, Data Validation, níbi Allow ẹ yan List, níbi Source ẹ kọ `=$E$2:$E$8`. Àwọn orúkọ yóò máa jábọ́ láti inú sẹ́ẹ̀lì náà, ẹni tó bá tẹ orúkọ tí kò sí níbẹ̀, Excel á kọ̀ ọ́ fún un. Ẹni tó bá da orúkọ kọ láti ibòmíràn tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ ṣì lè gba ẹ̀yìn wọlé, nítorí náà ẹ má yọ FALSE kúrò.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Mo ti ṣe é, ó ń jábọ́. Ọlọ́run á bù kún yín. Ìyàlẹ́nu kan tún rèé. Owó ìrẹsì ti gòkè láàárọ̀ yìí. Ọmọ mi kọ IRESI tuntun sí ìlà 9 pẹ̀lú 80,000, ó tún kọ SEMO sí ìlà 10. Ìrẹsì ṣì ń gbé 78,000, SEMO sì ṣì ní #N/A. FALSE wà níbẹ̀ o.

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ pọ̀. Àkọ́kọ́, fọ́múlà yín ń wo E2 dé F8 nìkan. Ìlà 9 àti 10 wà lẹ́yìn ọgbà, kò mọ̀ pé wọ́n wà. Ẹ yí i sí `$E$2:$F$500`, sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo kò ní dà á láàmú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí Source ti Data Validation náà, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ẹ má kọjá ìlà ọjà tó kẹ́yìn, torí bí sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo bá wà nínú rẹ̀, àyè òfo á máa jábọ́ pẹ̀lú àwọn orúkọ.

Èkejì, bí ẹ bá tilẹ̀ ti fẹ̀ ẹ́, ìrẹsì ṣì máa jẹ́ 78,000. Bí orúkọ kan bá wà lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó bá kọ́kọ́ bá láti òkè ni FALSE ń mú, kò sì ní wo ìyókù. Ìlà kan péré ni kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ pa ìlà 9 rẹ́, kí ẹ kọ 80,000 lé 78,000 lórí ní F2. Kí ẹ lè mọ èyí tó wà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ èyí sí G2 kí ẹ fà á sísàlẹ̀. Ibi tó bá ti kọ ju 1 lọ ni kí ẹ lọ wò:

```
=COUNTIF($E$2:$E$500,E2)
```

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà_Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọn ò kàn lo XLOOKUP? Òun kò nílò FALSE, orúkọ gan-an ló ń wá bí a kò bá sọ nǹkan kan.

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Bẹ́ẹ̀ ni, bí Excel wọn bá ní i. Microsoft 365 àti Excel 2021 ní i, Google Sheets náà ní i. 2016 àti 2019 kò ní i, bí a bá sì kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà tuntun tí a fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí 2016, kò ní lè ṣírò rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Ìbejì, èwo ni tiyín?

ÌyáÌbejì_Bódìjà

2016 ló wà lórí tèmi. VLOOKUP náà ni mà á bá lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń dùn mí jù báyìí ni ẹ̀yìn. Àwọn rìsíìtì tí a ti tẹ̀ ńkọ́? Lórí ọ̀kan tí mo wò, àpò ìrẹsì mẹ́rin la tà ní 36,000, 168,000 ló bọ́ lọ. Kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́ta wà lórí rẹ̀ tí a gba 42,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì jẹ́ pé mo fi 18,000 jẹ oníbàárà náà lára. Mo fẹ́ dá owó epo àwọn èèyàn padà fún wọn.

Akọ̀wéOwó_Ìbàdàn

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ da fáìlì àtijọ́ náà kọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Nínú èyí tí ẹ dà kọ, ẹ yan kọ́lọ́ọ̀mù C, ẹ tẹ Copy, ẹ wá tẹ Paste Special, Values sórí rẹ̀, kí owó tí ẹ gbà nígbà náà má baà yí padà mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ kọ èyí sí D2, kí ẹ fà á sísàlẹ̀:

```
=(C2-VLOOKUP(A2,$E$2:$F$8,2,FALSE))*B2
```

Ìlà tó bá jẹ́ 0 tọ̀nà. Èyí tó bá ní àmì ìyọkúrò níwájú, ẹ̀yin lẹ pàdánù rẹ̀, bíi ìrẹsì mẹ́rin yẹn tó máa kọ -168000. Èyí tí kò bá ní in, oníbàárà ló san lé, epo mẹ́ta yẹn máa kọ 18000. Èyí tó bá jẹ́ #N/A, bíi SEMO, ẹ fọwọ́ ṣírò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó tó wà nínú àkójọ fáìlì náà ló ń fi ṣe ìwọ̀n o. Bí owó ọjà kan bá ti yí padà láàárín, ìyàtọ̀ tó máa kọ kò ní jẹ́ òótọ́. Ṣé ẹ ní ibì kan tí ẹ kọ owó àtijọ́ sí?

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Orí rẹ̀ náà la máa ń kọ tuntun lé. Ti epo kò yí padà láti ìgbà tí ṣíìtì yìí ti wà, ìyẹn dá mi lójú, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ra epo. Ti ìrẹsì ló ṣòro. Ó yí padà kí ó tó di 78,000, mi ò rántí ọjọ́ náà.

Ìyàwó_Oníkẹ́míìsì

Ìyá Ìbejì, ẹ wo ìwé tí àwọn tó kó ìrẹsì wá fún yín máa ń fún yín. Ọjọ́ máa ń wà lórí ẹ̀. Bí owó tiwọn bá gòkè, ọjọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì ni tiyín náà á gòkè.

ÌyáÌbejì_Bódìjà

Wọ́n wà nínú àpótí nílé. Mà á tú wọn wò lálẹ́ òní, ohun tí mo bá rí, mà á kọ ọ́ síbí.